Níbo Ni Yúníìtì Mẹ́tàlá Náà Lọ?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀rẹ́ mi kan dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ohun tó sọ ni pé, "Mo ra iná ₦5,000 lónìí, yúníìtì 21.8 ni wọ́n fún mi. Ìwọ ra ti ₦10,000 lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní 30.6 ni wọ́n fún ẹ. Jọ̀ọ́, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Mo ní ohun tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ó ní, "Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún bá mú 21.8 wá, ṣé kì í ṣe 43.6 ló yẹ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mú wá? Yúníìtì mẹ́tàlá ló sọnù. Níbo ló lọ?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pè mí lólè o. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìta ọgbà rí, ẹ ó ti mọ irú ilé tí mò ń sọ. Yàrá mẹ́rin, ayálégbé mẹ́rin, mítà kan ṣoṣo lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kálukú ń dá ₦2,500 lóṣù, èmi sì ni akápò iná. Ipò yìí kò lówó oṣù, kò sì níyì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó fi nọ́ḿbà mítà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, mo sì di akápò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wá bi mí léèrè yìí ń kọ́ ìmọ̀ òfin, Lọ́yà la máa ń pè é. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dàgbà jù nínú wa. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kó tó padà wá kàwé. Ẹnì kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ni, Àbúrò ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ní tèmi, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yìí ni mo wà, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìṣirò, kò sẹ́ni tó ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ mi.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iná ọba máa sọ mí di afurasí. Ní ọdún 2015, màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Òṣogbo. Ìyá wọn ṣàìsàn, wọ́n sì lọ tọ́jú wọn fún oṣù méjì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fún mi ní ₦1,000 pé kí n sáré lọ ra iná wá. Ọkùnrin tó ń tà á gba owó náà, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fún mi ní ìwé pélébé kan tí kò sí nọ́ḿbà tókìnì kankan lórí rẹ̀. Mo mú un délé. Màmá mi wo ìwé, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wá wo ẹnu mi bóyá wọ́n á rí bísíkíìtì níbẹ̀. Ìgbà tí àwa méjèèjì jọ padà lọ ni ọkùnrin náà tó ṣàlàyé pé owó dandan kan wà tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù, o lo iná, o ò lo iná. Oṣù tí o kò bá ra nǹkan kan, owó yẹn kò lọ, ó jókòó dè ọ́. Ìgbà tó o bá padà dé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Ẹgbẹ̀rún kan màmá mi kò tíì tó owó dandan tó ti kó jọ. Láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ igba náírà, wọn kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá láìra iná.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2016, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe kòkáárí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fòpin sí owó dandan yẹn. Láti ìgbà náà, iná tí o bá lò nìkan ló yẹ kí o máa sanwó fún, pẹ̀lú owó-orí ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ti di ìtàn. Kò tíì di ìtàn. Orúkọ ló yí padà.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí áàpù tí mo fi ra iná, mo sì ka rísíìtì mi tán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: nọ́ḿbà ogún tí à ń tẹ̀ sínú mítà nìkan ni mo máa ń wò. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán tí mítà sì ti gbà á, mo ti gbàgbé rísíìtì. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyí:

```
Amount:  9,900.00
Debt:    3,000.00
VAT:       481.40
Tariff:    209.50
Units:     30.6
```

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti òkè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni àwọn ará ilé kó fún mi, ṣùgbọ́n áàpù náà ń gba ₦100 lórí ìgbàkígbà tí ènìyàn bá ra iná, ó kéré ni, ó pọ̀ ni. Nítorí náà, ₦9,900 ni mo lè tẹ̀. Èyí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí n kò mọ̀ ni ìlà kejì. Gbèsè! Gbèsè ta ni? Èmi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Mo fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá yòókù bára mu. Bí a bá yọ ₦3,000 kúrò nínú ₦9,900, ó ku ₦6,900. Inú ₦6,900 yìí ni owó-orí ọjà àti iná fúnra rẹ̀ ti máa jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ mítà, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, "Owó-orí ọjà jẹ́ ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá méje ààbọ̀ nínú ₦6,900 jẹ́ ₦517.50. Bí a bá yọ ọ́, ó ku ₦6,382.50. Ẹ pín in sí ₦209.50, nítorí iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan nìyẹn." Lọ́yà ti ń tẹ fóònù rẹ̀. Ó ní, "30.47. Ìyẹn jẹ́ 30.5. Rísíìtì ní 30.6."

Mo ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Ó ní, "Kò tó nǹkan kẹ̀? Owó-orí tí ìwọ ṣírò jẹ́ ₦517.50. Èyí tó wà lórí rísíìtì jẹ́ ₦481.40. Bó o bá ti ń ṣàlàyé nǹkan tí kò bá rísíìtì mu, báwo la ṣe fẹ́ gba ìyókù gbọ́?" Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó jàre. Àǹfààní ti ìlà gbèsè yẹn lè ṣe fún mi ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí náírà mẹ́rìndínlógójì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló yọ mí. Wọ́n ti bá ìyá wọn tajà rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ná. Orí kí ni owó-orí ń gùn? Orí iye ọjà ni. Bí iná bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, owó-orí á gùn ún, á di ₦107.50. Iye tí oníbàárà máa mú wá nìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ padà wá gba ìdá méje ààbọ̀ lórí ₦107.50? Owó-orí lórí owó-orí nìyẹn." Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. "₦6,900 yìí, owó-orí ti wà nínú ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ wọn. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ pín in."

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyẹn, mo sì ti rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe kan náà. Owó tí a san ti ní owó-orí nínú. Láti mọ iye tó jẹ́ ti iná nínú rẹ̀, 1.075 la máa fi pín in:

```
9,900 - 3,000   = 6,900
6,900 / 1.075   = 6,418.60
6,900 - 6,418.60 = 481.40
6,418.60 / 209.50 = 30.64
```

₦481.40 jáde, kọ́bọ̀ kan kò yẹ̀. Ìgbẹ̀yìn jẹ́ 30.64, rísíìtì tiwa kì í sì kọ ju nọ́ḿbà kan lọ lẹ́yìn àmì, nítorí náà ó di 30.6. Lọ́yà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún fi ọ̀nà àbùjá kan hàn wá. Dípò kí a máa pín lẹ́ẹ̀mejì, kí a fi 1.075 sọ ₦209.50 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ ₦225.21. Iye tí yúníìtì kan jẹ́ lápò wa gan-an nìyẹn, pẹ̀lú owó-orí lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti yọ ohun tó jẹ́ ti dandan kúrò nínú owó, mo kàn máa ń pín ìyókù sí 225.21 ni. Ẹni tí tirẹ̀ kì í bá ṣe ₦209.50, kí ó wo ìlà `Tariff` lórí rísíìtì tirẹ̀, kí ó fi 1.075 sọ ọ́ di púpọ̀. Báǹdì tí àdúgbò ènìyàn wà ló ń sọ iye náà, kì í sì í dúró sójú kan. Ti Báǹdì A tiwa yìí, ₦225 ni wọ́n gbé e sí nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦206.80 nínú oṣù Karùn-ún, ó sì di ₦209.50 nínú oṣù Keje. Ẹni tó ra ₦10,000 ní oṣù Kẹrin tó tún ra ₦10,000 ní oṣù Karùn-ún kò lè rí iye kan náà, kò sì sí ẹni tó jí i ní nǹkan kan.

Ó wá ku ìbéèrè alẹ́ àná. Lọ́yà gbé rísíìtì tirẹ̀ jáde. ₦4,900 ló tẹ̀, nítorí áàpù ti mú ₦100. Kò sí ìlà gbèsè lórí tirẹ̀ rárá. ₦4,900 tí a bá pín sí 225.21 jẹ́ 21.76, ìyẹn 21.8. Kò sí ohun tó ṣe rísíìtì tirẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra iná lóṣù náà, nítorí náà èmi ni mo pàdé gbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn mi ni òun dé, wọ́n ti gba ti oṣù náà tán, ọ̀nà ti ṣófo.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ ti alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò lè tọ̀nà, bó tilẹ̀ dún bí òtítọ́. Ó rò pé bí owó bá di ìlọ́po méjì, yúníìtì á di ìlọ́po méjì. Bó ṣe máa rí nìyẹn bí kò bá sí ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Ṣùgbọ́n tí iye kan bá wà tí wọ́n á mú kúrò kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀, owó àti yúníìtì kò ní bá ara wọn rìn mọ́. Bí a bá pín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí mo gbà sí 30.6, á dà bíi pé mo ra yúníìtì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ₦327. Ti Lọ́yà, ₦229 ló jẹ́. Ọjà kan náà, oṣù kan náà, mítà kan náà. Bí a bá sì fẹ́ mọ ibi tí yúníìtì mẹ́tàlá rẹ̀ lọ, ẹ kàn pín ₦3,000 sí 225.21. Ó lé díẹ̀ ní mẹ́tàlá.

(Ó lé díẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá ra ₦5,000 lẹ́ẹ̀mejì á san ₦100 áàpù lẹ́ẹ̀mejì, èmi san án lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́rùn-ún náírà yìí náà jẹ́ owó dandan, ó kàn kéré débi pé a kì í kà á sí ni. Àmọ́ mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ra iná ₦1,000 lẹ́ẹ̀mẹwàá lóṣù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦900 ló ń di iná, ìyẹn yúníìtì mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, ogójì. Bó bá ra ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rìnlélógójì ni. Yúníìtì mẹ́rin tó sọnù yẹn á fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ fún wákàtí mẹ́rin.)

Lọ́yà béèrè ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn. Ó ní, "Kí ló dé tí a ò kàn wo inú mítà? Ṣé mítà ò ní fi hàn pé wọ́n yọ gbèsè?" Kò ní fi hàn. Mítà kò mọ náírà. Nọ́ḿbà ogún tí à ń tẹ̀ sínú rẹ̀, iye yúníìtì ló gbé lọ, kì í ṣe iye owó. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ta iná ló ti ṣe gbogbo àyọkúrò kí ó tó ṣe tókìnì náà, nítorí náà 30.6 nìkan ni mítà rí. Bí rísíìtì bá sọnù, ẹ̀rí sọnù nìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn fara pamọ́ sínú rísíìtì òun, kí ó yọ gbèsè kúrò nínú owó tó tẹ̀, kí ó pín ìyókù sí yúníìtì tó rí. Tèmi, ₦6,900 tí a pín sí 30.6 jẹ́ ₦225.49. Ó sún mọ́ 225.21 dáadáa, bí wọ́n ṣe gé nọ́ḿbà ìgbẹ̀yìn kù ló fa ìyàtọ̀ náà. Ká ní ₦250 tàbí ₦260 ló jáde ni, mi ò bá mọ̀ pé báǹdì tí wọ́n kọ wá sí kọ́ ni wọ́n fi gba owó wa, tàbí pé ohun kan wà tí wọn kò kọ sílẹ̀.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé wàhálà ti tán. Àbúrò, tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín wa, ló wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbèsè ta ni?"

N kò lè dá a lóhùn. Mo pe ẹni tó ṣe akápò ṣáájú mi. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé n kò sọ fún ọ ni?" Kò sọ fún mi. Ó ṣàlàyé pé kí wọ́n tó gbé mítà wá sí ilé náà, ìwé owó iná ni wọ́n máa ń mú wá lóṣooṣù, àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà náà kò sì san án tán. Nígbà tí mítà dé, wọ́n kó gbèsè àtijọ́ náà lé e lórí, wọ́n pín in sí ₦1,000 lóṣù, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú iná àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá rà lóṣù náà. Ó fi rísíìtì oṣù Keje ránṣẹ́ sí mi: ₦9,900, gbèsè ₦1,000, yúníìtì 39.5. Mo pín ₦8,900 sí 225.21 kí ó lè dá mi lójú. 39.5 náà ni.

Kí ló wá sọ ₦1,000 di ₦3,000? Tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná ní ìparí oṣù Keje. Fún odindi oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, àbẹ́là àti páńẹ́lì kékeré tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì rà la fi ń ríran. Ta ló fẹ́ ra iná tí kò sí? Báǹdì A ni wá o, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lójúmọ́ fún! Nígbà tí iná dé lóṣù Kẹwàá, gbèsè oṣù Kẹjọ, ti oṣù Kẹsàn-án àti ti oṣù Kẹwàá ti jókòó dè wá, bí owó dandan ṣe jókòó de màmá mi ní Òṣogbo. Ẹgbẹ̀rún méjì tó ti oṣù méjì òkùnkùn wá yẹn, bí ẹ bá pín in sí 225.21, ó jẹ́ 8.9. Iye náà gan-an ni 30.6 fi kéré sí 39.5 ti oṣù Keje.

Àbúrò tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá ní, "Oṣù Kẹwàá ni mo dé síbí. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ tí mo dá, ẹgbẹ̀rin-dín-ní-àádọ́ta náírà nínú ẹ̀ ló bá gbèsè àwọn tí mi ò mọ̀ lọ, àbí?" ₦750 ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ₦3,000. Yúníìtì mẹ́ta àti díẹ̀. Lọ́yà wo ilẹ̀. Mo rò pé ìgbà yẹn ló tó yé gbogbo wa pé, fún alẹ́ kan gbáko, à ń wá olè láàárín ara wa, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń wá wà lórí ilé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ̀ ọ́.

A lọ bá Bàbá Onílé ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́yà ló ṣáájú. Ó ti kó rísíìtì mẹ́ta jọ, ó fi pẹ́ńsù pupa fàlà sí abẹ́ `Debt` lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a ṣàlàyé. Bàbá ní, "Ṣé ilé mi kọ́ lẹ̀ ń gbé ni? Gbèsè ilé ni." Lọ́yà ní, "Ẹ ṣeun sà. Gbèsè ilé ni lóòótọ́, sà. Ilé sì jẹ́ ti yín, sà." Mo rò pé ìjà ti dé nìyẹn, ṣùgbọ́n Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba rísíìtì, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n pe ìyàwó wọn kó wá kà á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àwọn tó jẹ gbèsè náà ti kó kúrò kí àwa tó dé, àti pé àwọn ni wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ wọn tí wọn kò béèrè ti iná. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n á máa fún wa ní ₦1,000 lóṣooṣù títí gbèsè á fi tán. Ti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó ti lọ, wọ́n ní kí a fi ṣe sàárà. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ sí ìyẹn.

Ìwọ̀nba tí mo lè ṣe nípa rẹ̀ ni pé èmi, Lọ́yà àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá ₦750 ti Àbúrò padà fún un, ₦250 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà kò sọ pé kí n má bínú. Ó kàn gbé àwo ẹ̀wà àti dòdò wá sí yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti sè é pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, a tún dá owó jọ, ₦10,000, pẹ̀lú ₦1,000 tí Bàbá fi ránṣẹ́. Mo ní kí gbogbo wọn dúró tì mí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́yà ní kí n dúró ná, ó fi bírò kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́. Áàpù mú ₦100, mo tẹ ₦10,900. Rísíìtì wọlé: gbèsè ₦1,000, ₦9,900 ló kù láti fi ra iná. Mo ka yúníìtì sókè fún wọn: 44.0. Lọ́yà la ọwọ́ rẹ̀ níwájú mi. 44.0 ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Pe nọ́ḿbà tókìnì, kí n máa tẹ̀ ẹ́."